Síìdì kan náà, fáúṣà ọ̀tọ̀: kí ló dé tí kèké mi kò bá ti máníjà mu?

Àbẹ̀kẹ́ Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ́díìtì oníṣòwò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ní Àpápá la wà lórí rẹ̀, ọdún tó parí ní 31 Oṣù Kejìlá 2024. Mo fi Páítọ́nù ṣẹ́ kèké mú fáúṣà ìsanwó 40, mo sì kọ síìdì mi, nọ́ńbà tí kèké náà ti bẹ̀rẹ̀, sílẹ̀: 731946. Máníjà mi fa fáìlì tirẹ̀ jáde, ó lo kóòdù mi, ó lo síìdì mi, fáúṣà 40 mìíràn pátápátá ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ní ọwọ́ ni mo fi yan tèmi. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, n kò fọwọ́ yàn. Kí ló ṣẹlẹ̀? Báwo ni mo sì ṣe máa kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ tí ẹlòmíràn á tún un ṣe, tí yóò bá tèmi mu?

* * *

Ọmọ Akọ̀wé Ìkẹjà

Páítọ́nù ló kó ẹ sí wàhálà. Kí ni Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì ṣe ẹ́? Kọ `=RAND()` sí ẹ̀gbẹ́ fáúṣà kọ̀ọ̀kan, sọ gbogbo rẹ̀ di nọ́ńbà lásán kó má baà yí mọ́, to fáìlì náà láti orí nọ́ńbà tó kéré jù, kí o mú 40 àkọ́kọ́. Ó tán. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń ṣe é, ẹnì kan ò bi mí ní síìdì rí.

Ní ti máníjà rẹ, ẹ̀dà Páítọ́nù tó wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ló máa yàtọ̀ sí tìrẹ. Ibẹ̀ ni kí o wò.

* * *

Bàbá Lẹ́jà

Àbẹ̀kẹ́, fara balẹ̀. Kèké yẹn kò mọ fáúṣà rárá, ipò ló mọ̀. Nígbà tí o fún un ní 731946, ohun tó sọ ni pé: mú ẹni tó dúró sí ipò báyìí wá, mú ti ipò báyìí wá, títí yóò fi pé 40. Bí èrò tó tò dúró de bọ́ọ̀sì ní CMS bá pààrọ̀ ibi tí wọ́n dúró sí, tí o sì tún ké pe ẹnì kẹtàdínlógún, ojú mìíràn ló máa jẹ́ ọ. Nọ́ńbà tí o pè kò yí. Ìlà ló yí.

Nítorí náà, n kò tíì fẹ́ mọ nǹkan kan nípa síìdì. Ohun méjì ni kí o wò fún mi. Èkíní, ìlà mélòó ló wà nínú fáìlì tìrẹ, mélòó ló wà nínú ti máníjà? Èkejì, kí ẹ̀yin méjèèjì tẹ ipò jáde, kì í ṣe nọ́ńbà fáúṣà:

```python
print(len(df), s.index.tolist()[:5])
```

Bí ipò bá bá ara wọn mu ṣùgbọ́n tí fáúṣà yàtọ̀, ètò ìlà ló yàtọ̀. Bí ipò fúnra rẹ̀ bá yàtọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé iye ìlà kò dọ́gba.

Ọmọ Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ ẹ̀dà tí o sọ kì í ṣe irọ́, àmọ́ ilé tí o gbé e lọ ni kì í ṣe. Àwọn tó ń lo R ni ó ṣẹlẹ̀ sí: láti ìgbà tí R 3.6.0 ti jáde ní 2019, `sample()` ti yí bó ṣe ń ṣẹ́ kèké padà, síìdì àtijọ́ kò sì mú èsì àtijọ́ wá mọ́ àfi tí èèyàn bá fi `sample.kind="Rounding"` sí i. `random_state` tó jẹ́ nọ́ńbà nínú `pandas`, ẹ̀rọ kèké àtijọ́ ti `numpy` ló ń lò, àwọn tó ni ín sì ti pinnu pé àwọn kò ní yí ìyẹn padà. Kọ ẹ̀dà sílẹ̀ bó ti wù kó rí, kò ná ọ ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kó o sí èyí.

* * *

Alágbàwí Ṣúrùlérè

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì yẹn, torí ojú mi rí nǹkan. Ọ́fíìsì kan wà ní Erékùṣù tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, n kò ní dárúkọ wọn. Ọ̀gbẹ́ni kan jókòó ti `RAND()`, ó ń tẹ F9. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ ni nọ́ńbà ń yí. Ó ń tẹ̀, ó ń wò, ó ń tẹ̀, ó ń wò. Mo bi í pé kí ló ń wá. Ó ní fáúṣà ilé ìkẹ́rù Bàdágírì ṣì wà níbẹ̀, òun kò sì lè rin ìrìn yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Ìgbà tí Bàdágírì kúrò ló tó sọ ọ́ di nọ́ńbà lásán. Lórí ìwé, kèké ni. Ta ló máa mọ̀?

* * *

Ọmọ Akọ̀wé Ìkẹjà

Ìyẹn jẹ́ ìwà ọ̀lẹ ọ̀gbẹ́ni yẹn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì. Tí mo bá ti tọ́jú kọ́lọ́ọ̀mù nọ́ńbà yẹn fún gbogbo fáúṣà, tó fi mọ́ àwọn tí n kò mú, ẹnikẹ́ni lè tò ó, yóò sì bá 40 kan náà níbẹ̀.

* * *

Bàbá Lẹ́jà

O gba ibì kan níbẹ̀. Tí kọ́lọ́ọ̀mù náà bá wà fún gbogbo ìlà, èèyàn lè tọ ipasẹ̀ rẹ. Ọ̀pọ̀ ni kì í tọ́jú rẹ̀; 40 nìkan ni wọ́n ń dà sínú ìwé iṣẹ́, ìyókù á dàwátì. Ṣùgbọ́n wo ohun tó kù: kọ́lọ́ọ̀mù yẹn fi hàn mí pé o to nọ́ńbà dáadáa. Kò fi hàn mí bí nọ́ńbà náà ṣe dé. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ lo mú, bóyá ìgbà kẹtàdínlógójì, ojú kan náà ni méjèèjì ní. Pẹ̀lú síìdì, mo lè ṣẹ́ kèké náà fúnra mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

* * *

Alágbàwí Ṣúrùlérè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí, síìdì náà kò mọ́ pátápátá. Kí ni kò jẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni Bàdágírì gbìyànjú 1, kó gbìyànjú 2, kó dé 46, kó wá kọ ọ́ pé «síìdì: 46»? Èèyàn á tún un ṣe, yóò bá a mu. Ojúsàájú tó ṣeé tún ṣe ni.

* * *

Bàbá Lẹ́jà

Òótọ́ ni, ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò sì wò nìyẹn. Ẹ̀rí síìdì kò sí nínú nọ́ńbà náà, ìgbà tí wọ́n mú un ló wà. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń mú síìdì kí fáìlì tó dé ọwọ́ mi, mo sì máa ń jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi dá sí i. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Màrínà, mo máa ń ní kí akápò oníbàárà mú owó bébà kan jáde nínú àpò rẹ̀, a ó ka nọ́ńbà 6 tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀, a ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó kọ ọjọ́ àti aago sí i. Èmi kò mọ owó tó máa mú jáde, òun náà kò sì tíì mọ ohun tí nọ́ńbà náà máa mú jáde. Ní Kòlórádò lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ́díìtì ìbò wọn ní 2017, ní gbangba ni wọ́n ti yí dáìsì onígun mẹ́wàá ní ìgbà 20 láti rí síìdì onínọ́ńbà 20. Ọgbọ́n kan náà ni. Tiwa kò gba dáìsì.

Àbẹ̀kẹ́, ibo ni 731946 ti wá?

* * *

Àbẹ̀kẹ́ Èkó

Ẹ ṣé, Bàbá. Ojú ń tì mí díẹ̀. Nọ́ńbà tó kàn wá sí mi lórí ni. Fáìlì ti wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, ṣùgbọ́n n kò tíì ṣí i wò. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sì ṣẹ́ kèké.

Mo ti wo ohun tí ẹ ní kí n wò. Fáìlì tèmi ní ìlà 4,812. Ti máníjà ní 4,815! Ipò náà kò sì bára mu láti orí ẹyọ àkọ́kọ́. Ọjọ́ 9 Oṣù Kínní ni mo fa tèmi jáde, òun fa tirẹ̀ ní ọjọ́ 16. Tèmi tò láti PV1 lọ sókè, tirẹ̀ tò ní ọjọ́-ọjọ́.

* * *

Ìyá Alájẹsẹ́kù

Ẹ kú àtàárọ̀ o. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wa ní Mushin. Ohun tí n kò lóye ni ìdí tí ẹ fi ń dààmú ara yín pẹ̀lú kèké. Èmi, tí mo bá fẹ́ yẹ ìwé wò, owó ńlá ńlá ni mò ń mú. Ẹni tó yá ₦500,000 ni mo máa wò, kì í ṣe ẹni tó yá ₦10,000. Ṣé ìyẹn kò tó ni?

* * *

Bàbá Lẹ́jà

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ohun tí ẹ ń ṣe dára, nǹkan mìíràn sì ni. Ẹ yẹ àwọn owó ńlá wò tán, ẹ mọ bí owó ńlá ṣe rí. Kò sọ nǹkan kan fún yín nípa àwọn ₦10,000 tó kù, ẹni tó bá fẹ́ jí owó ẹgbẹ́ sì mọ̀ pé ẹ kì í wo ìwọ̀nyẹn. Ẹ yọ owó ńlá sọ́tọ̀, ẹ wo gbogbo rẹ̀ pátá. Kí ẹ wá ṣẹ́ kèké lórí ìyókù. Kí ẹ má ṣáà da àbájáde méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

* * *

Ìyá Alájẹsẹ́kù

Háà. Akọ̀wé wa náà mọ̀ pé n kì í wo kékeré o. Ẹ ṣé.

* * *

Wàsíù Yábàá

Àbẹ̀kẹ́, má ì tíì gbà pé o jẹ̀bi. Ẹ̀rí ìdáláre rẹ wà nínú fáìlì máníjà rẹ. Gba tirẹ̀, yọ ìlà 3 tí kò sí nínú tìrẹ kúrò, tò ó bí tìrẹ ṣe tò, kí o tún kèké ṣẹ́. Tí 40 rẹ bá jáde, ọ̀rọ̀ parí, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé o fọwọ́ yàn.

Ṣọ́ ibi tí o ti ń tò ó ṣá. `pv_no` jẹ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe nọ́ńbà. Tí o bá tò ó bí ọ̀rọ̀, PV1000 á ṣáájú PV2. Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o lò, ṣùgbọ́n kóòdù gbọ́dọ̀ sọ èyí tó jẹ́. Báyìí ni màá ṣe é:

```python
import pandas as pd
df = pd.read_csv("PV_2024.csv", dtype=str)
df["n"] = df["pv_no"].str[2:].astype(int)
df = df.sort_values("n").reset_index(drop=True)
s = df.sample(n=50, random_state=731946)
```

Mo kọ 50 dípò 40 torí o máa nílò àrọ́pò. Dán an wò, 40 àkọ́kọ́ kò ní yí. Ìyókù dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n tò bí wọ́n ṣe jáde.

`dtype=str` yẹn, má yọ ọ́ o. Iṣẹ́ tèmi ní Yábàá, owó orí fóònù ni. Gbogbo owó tó bá gba NIP kọjá láti báńkì kan sí òmíràn ní nọ́ńbà onídíjíìtì 30: 6 àkọ́kọ́ jẹ́ kóòdù báńkì, 12 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọjọ́ àti àkókò, 12 ìkẹyìn ló ya ẹyọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹnì kan nínú wa ṣí fáìlì náà nínú Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì, ó kàn fẹ́ wò ó ni, ó fi í pamọ́ bí fáìlì Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì, ó pa á dé. Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì kì í mú ju díjíìtì 15 dání nínú nọ́ńbà. Òdo 4 iwájú kóòdù báńkì lọ, 15 tó mú dání wá jẹ́ ìyókù kóòdù, ọjọ́, àkókò, ó ku díjíìtì kan péré. Lójú fáìlì yẹn, ọ̀pọ̀ owó tí báńkì kan náà rán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà ti di ẹyọ kan ṣoṣo. A tò ó, a ṣẹ́ kèké, a gbé àbájáde lọ bá àwọn tó ni ìwé owó, wọn kò rí ọ̀kankan. Ọjọ́ 2 la fi ń wá ohun tó ṣe wá. Bí ẹ bá rí nǹkan bí `1.32412E+25` ní kọ́lọ́ọ̀mù yẹn, ẹ má lọ síwájú mọ́.

* * *

Ọmọ Akọ̀wé Ìkẹjà

Ẹ ṣáà ti gbógun ti Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì lónìí.

* * *

Wàsíù Yábàá

Èmi náà ń lò ó, ẹ̀gbọ́n. N kì í ṣáà fi fáìlì àkọ́kọ́ sí i lẹ́nu. Èyí tí mo gbà lọ́wọ́ oníbàárà, ọjọ́ tó bá dé ni mo máa ń tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó wà nínú Wíńdò fúnra rẹ̀:

```
certutil -hashfile PV_2024.csv SHA256
```

Lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ló máa mú jáde. Tí ẹnì kan bá yí àmì ìdánudúró kan péré padà nínú fáìlì, gbogbo rẹ̀ á yí. Ṣí CSV nínú Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì kí o fi pamọ́ padà, òǹtẹ̀ náà lè yí láìjẹ́ pé o fọwọ́ kan nǹkan kan. Tí Àbẹ̀kẹ́ bá ti kọ òǹtẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 9, kí máníjà tó fẹnu kan síìdì ló ti máa rí i pé fáìlì tòun kì í ṣe èyí tí wọ́n lò.

Mo tún ní ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ràn ju `sample` lọ. Ẹ so síìdì mọ́ nọ́ńbà fáúṣà kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ òǹtẹ̀ SHA-256 rẹ̀, ẹ to gbogbo rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù:

```python
import hashlib
def h(k): return hashlib.sha256(("731946," + k).encode()).hexdigest()
df["h"] = df["pv_no"].map(h)
s = df.sort_values("h").head(50)
```

Níbí, kèké mọ fáúṣà, kò mọ ipò. Ẹ tò ó lójọ́-ọjọ́, ẹ tò ó sẹ́yìn, àwọn kan náà ló máa jáde. Bí fáúṣà 3 bá sì yọjú lẹ́yìn, tuntun tó bá wọlé á lé ẹni ìkẹyìn jáde, ìyókù kò ní mira. Ìyẹn ni pé àyípadà kò lè ju 3 lọ nínú gbogbo 50.

* * *

Bàbá Lẹ́jà

Mo gba tìrẹ, Wàsíù, ó dára gan-an ni. Ohun kan ni kò jẹ́ kí n fi ṣe òfin fún gbogbo ènìyàn: ẹni tó máa tún un ṣe lọ́dún mẹ́ta sí i gbọ́dọ̀ mọ bí ẹ ṣe so síìdì mọ́ fáúṣà. Kómà wà láàárín wọn àbí kò sí? «PV7» ni àbí «pv7», àbí àlàfo wà níwájú rẹ̀? Èyí tó kéré jù lọ nínú ìwọ̀nyẹn máa mú àbájáde ọ̀tọ̀ pátá wá. Kóòdù gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé iṣẹ́ odindi, kì í ṣe àlàyé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ti fi kóòdù bojú ọ̀rọ̀. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe kèké. Fáúṣà 3 wọlé láàárín ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 16 Oṣù Kínní, fún ọdún tó ti parí. Àbẹ̀kẹ́, kí o tó ṣẹ́ kèké, kí ni o fi wọn àpapọ̀ fáìlì rẹ?

* * *

Àbẹ̀kẹ́ Èkó

Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ ₦386,417,250, ó sì bá àpapọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ìròyìn náà mu géérégé. Mo sì fàmì sí i pé ó pé.

* * *

Bàbá Lẹ́jà

Ìsàlẹ̀ ìròyìn kan náà tí o fà jáde? Ìyẹn ni pé o fi aṣọ wọn aṣọ ara rẹ̀. Inú sọ́fíwià kan náà, inú ìṣẹ́jú kan náà ni méjèèjì ti jáde. Bí fáúṣà 1,000 bá sọnù nínú rẹ̀, wọn á ṣì bára mu. Lẹ́jà ni kí o lọ: ẹ̀gbẹ́ ìsanwó nínú àkáǹtì báńkì àti káàṣì fún ọdún náà, èyí tó wọ tíráyà bálánsì tí ẹ ń ṣe ọ́díìtì rẹ̀. Mo fẹ́ mọ iye tó wà níbẹ̀.

* * *

Àbẹ̀kẹ́ Èkó

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè, ìmọ́lẹ̀ ti lọ ní ọ́fíìsì.

* * *

Àbẹ̀kẹ́ Èkó

Mo ti dé. Lẹ́jà: ₦389,163,750. Ó fi ₦2,746,500 ju tèmi lọ. Àwọn 3 yẹn rèé: PV4813 jẹ́ ₦1,180,000, PV4814 jẹ́ ₦916,500, PV4815 jẹ́ ₦650,000. Tí ẹ bá rò ó pọ̀, ìyàtọ̀ náà gan-an ni. Ọjọ́ tó wà lórí fáúṣà jẹ́ 18 àti 20 Oṣù Kejìlá. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sínú sọ́fíwià, 13 Oṣù Kínní ni gbogbo wọn.

Mo tún ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n Wàsíù ní kí n ṣe. Mo gba fáìlì máníjà, mo yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, mo tò ó láti PV1, mo fi 731946 sí i. Fáúṣà 40 mi jáde láìku ẹyọ kan, bí wọ́n ṣe tò ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo pè é wá sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi pé kó wò ó. Kò tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó ra ọsàn fún mi.

Àmọ́ ó ní kí n tún kèké ṣẹ́ lórí 4,815, torí 4,812 kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ti yẹ 26 wò nínú 40 o.

* * *

Alágbàwí Ṣúrùlérè

Máníjà rẹ tọ̀nà. Kèké tí wọn kò fi sí inú rẹ̀ kò lè mú wọn. Tún un ṣẹ́.

* * *

Bàbá Lẹ́jà

Èmi kò ní tún un ṣẹ́. 40 yẹn ń sọ̀rọ̀ fún 4,812 tó wà lórí ìlà nígbà tí wọ́n ṣẹ́ ẹ, ìyẹn kò bàjẹ́. Ya 3 yẹn sọ́tọ̀, yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò pátá, kọ ọ́ pé abala méjì ni. Àpapọ̀ abala méjèèjì ni 4,815, ó sì bá lẹ́jà mu. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí o bá tún kèké ṣẹ́ lẹ́yìn tí o ti rí 26 nínú ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá ka ìwé rẹ lọ́la á bi ọ́ pé kí lo rí nínú 26 yẹn tí o kò fẹ́.

* * *

Alágbàwí Ṣúrùlérè

Tó bá jẹ́ 300 ló wọlé lẹ́yìn ńkọ́? Ẹ ò lè yẹ 300 wò pátá.

* * *

Bàbá Lẹ́jà

Tó bá jẹ́ 300, màá ṣẹ́ kèké tiwọn lọ́tọ̀, mà á sì ti lọ bá akápò oníbàárà kí n tó fọwọ́ kan kèké rárá.

* * *

Àbẹ̀kẹ́ Èkó

Ìbéèrè kan ló kù. Nínú 40, méjì ń yọ mí lẹ́nu. PV2207, wọ́n fagi lé e, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, lẹ́tà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. PV3391, wọn kò rí i. Akọ̀wé wọn ní òjò wọ yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí, páálí kan jẹrà. Ṣé kí n mú ẹni 41 àti 42 rọ́pò wọn?

* * *

Alágbàwí Ṣúrùlérè

Mú wọn. Ẹni tó bá mọ Àpápá ní Oṣù Kẹfà mọ̀ pé òjò kì í parọ́.

* * *

Bàbá Lẹ́jà

Rárá. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ISA 530, ìlànà ọ́díìtì lórí irú kèké yìí, sì ya wọ́n síra. Fáúṣà tí wọ́n fagi lé bó ṣe yẹ, ìdánwò rẹ kò bá a mu, àrọ́pò lè gba ipò rẹ̀. Èyí tí ìwé rẹ̀ sọnù, ìdánwò bá a mu, ìwọ ni kò rí ohun tí wàá fi ṣe é. Wá ọ̀nà mìíràn tó lè fi ohun kan náà hàn. Bí kò bá sí, àṣìṣe ni wàá kà á sí. Kì í ṣe pé mo ń fẹ̀sùn kan akọ̀wé yẹn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo fáúṣà tó wà nílé ayé, èyí tí ẹnì kan kò fẹ́ kí a rí ló máa ń tètè sọnù jù. Tí o bá ń rọ́pò gbogbo èyí tó sọnù, o ti sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa fi nǹkan pamọ́ fún ọ.

Kí ni o ń dán wò gan-an?

* * *

Àbẹ̀kẹ́ Èkó

Bóyá ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i ló fọwọ́ sí i kí owó tó jáde.

* * *

Bàbá Lẹ́jà

Ìwé báńkì kò lè gbà ọ́, nígbà náà. Yóò fi hàn pé owó jáde, kò lè fi ìfọwọ́sí hàn. Àyàfi tí ẹ̀dà fáúṣà náà bá wà lọ́dọ̀ ẹni tó fọwọ́ sí i, tàbí nínú ímeèlì. Bí kò bá sí, àṣìṣe 1 nínú 40.

* * *

Alágbàwí Ṣúrùlérè

Ó dáa, mo gbà fún yín lórí 3391. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ yára jù lórí 2207. Tí wọ́n bá ti fagi lé e, kí ló ń ṣe nínú fáìlì ìsanwó, tó tún ní iye owó lára? Ẹ wo lẹ́jà bóyá wọ́n yí owó náà padà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, owó náà jáde, òǹtẹ̀ ìfagilé lásán ló wà lórí bébà.

* * *

Bàbá Lẹ́jà

Ṣe o rí i, ibẹ̀ ni mo ti gbàgbé. Ọ̀rọ̀ rẹ gún régé. Àbẹ̀kẹ́, má rọ́pò 2207 títí wàá fi rí ìyípadà náà nínú lẹ́jà.

* * *

Àbẹ̀kẹ́ Èkó

Mo rí i: ọjọ́ 2 Oṣù Keje, iye kan náà, ó padà sí báńkì. Mo ti mú ẹni 41 rọ́pò rẹ̀. 3391 di àṣìṣe, akọ̀wé wọn ń bínú.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé iṣẹ́ rèé, ẹ bá mi wò ó:

«Mo fa fáìlì PV_2024.csv jáde ní 9/1/2025, ìlà 4,812, ₦386,417,250; òǹtẹ̀ SHA-256 rẹ̀ wà ní ojú ìwé kejì, mo tẹ̀ ẹ́ ní 20/1. Lẹ́jà jẹ́ ₦389,163,750. Ìyàtọ̀ ₦2,746,500 jẹ́ fáúṣà 3 (PV4813 sí PV4815) tí wọ́n kọ sínú sọ́fíwià ní 13/1. Mo yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò lọ́tọ̀. Mo to fáìlì bí nọ́ńbà láti PV1. Síìdì 731946, èmi ni mo mú un, lẹ́yìn tí fáìlì ti dé ṣùgbọ́n kí n tó ṣí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣẹ́ kèké. Máníjà tún un ṣe ní 20/1, ó bá a mu. Kóòdù àti ẹ̀dà sọ́fíwià wà ní ojú ìwé kẹta. Àkójọ 50 tò bí wọ́n ṣe jáde. 1 sí 40 ni mo lò, 41 rọ́pò PV2207 (ìdí àti ìyípadà lẹ́jà wà níbẹ̀). PV3391 kò sí, mo kà á sí àṣìṣe, n kò rọ́pò rẹ̀.»

* * *

Wàsíù Yábàá

Ó dáa gan-an. Òǹtẹ̀ tí o tẹ̀ ní 20/1 kò lè sọ nǹkan kan nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 9 sí 20 ṣá.

* * *

Bàbá Lẹ́jà

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn: ó kọ ọjọ́ rẹ̀ bó ṣe jẹ́. Má yí gbólóhùn síìdì yẹn padà kó lè dára sí i, Àbẹ̀kẹ́.

Àwọn 3 yẹn ńkọ́? Ta ló fọwọ́ sí wọn?

* * *

Àbẹ̀kẹ́ Èkó

Ọwọ́ ẹnì kan náà ló wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Bàbá. Ní 18 àti 20 Oṣù Kejìlá, ìwé ìsinmi tó wà lọ́dọ̀ wọn sọ pé ó wà nílé, kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Máníjà ti gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà.